Wáyà mẹ́ta, iná mẹ́rìnlélógún: bí a ṣe ń so ṣíìpù 74HC595 mọ́ ara wọn

Ká ní ẹ fẹ́ fi iná kéékèèké ṣe aago ara ògiri, irú iná tó máa ń tàn lára rédíò àti tẹlifíṣàn. Iná méjìlá wà ní agbo inú, àwọn ni yóò máa sọ wákàtí. Iná méjìlá mìíràn wà ní agbo òde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí aago bá ti di mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, iná méjì péré ni yóò tàn: iná aago mẹ́sàn-án nínú, iná ogún ìṣẹ́jú lóde. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná wa jẹ́ mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n ogún ẹsẹ̀ péré ni pátákó Arduino Uno ní tí a lè fi tan nǹkan, méjì nínú wọn ló sì ń lò láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni a óò máa pe ibi tí wáyà ti ń wọlé tàbí tó ti ń jáde lára pátákó náà, àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lára ṣíìpù.

Ṣíìpù kan wà tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀ràn yìí gan-an. 74HC595 ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ nínú wọn ló sì ń tan iná. Ṣíìpù mẹ́ta yóò fún wa ní mẹ́rìnlélógún géérégé, ẹsẹ̀ mẹ́ta Arduino ni yóò sì máa pàṣẹ fún gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ogójì iná lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ṣíìpù méjì kún un. Ẹsẹ̀ Arduino tí ẹ óò lò kò ní ju mẹ́ta náà lọ. Báwo ni wáyà mẹ́ta ṣe lè mọ iná mẹ́rìnlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: sún. Ẹ ó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi àríyá nígbà tí àyè bá há: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀.” Ẹ fojú inú wo bẹ́ńṣì kan tó gba èèyàn mẹ́jọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè jókòó sí àárín. Etí bẹ́ńṣì ní apá òsì nìkan ló lè gbà wọlé. Nígbà tó bá jókòó, ẹni tó wà níbẹ̀ sún sí àyè kejì, ẹni tó wà ní ìkejì sún sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni kẹjọ, tí kò rí ibi sún sí mọ́, tó sì jáde ní apá ọ̀tún. Bí a bá wá gbé bẹ́ńṣì mìíràn ti ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tó jáde kò ní ṣubú. Àyè àkọ́kọ́ lórí bẹ́ńṣì kejì ni yóò bọ́ sí, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì kejì yóò sì sún pẹ̀lú.

Bẹ́ńṣì náà ni ṣíìpù wa. Èèyàn tó ń jókòó ni bíìtì, ìyẹn ìròyìn tó kéré jù lọ tí kọ̀ǹpútà mọ̀: 1 túmọ̀ sí pé kí iná tàn, 0 túmọ̀ sí pé kí ó kú. Ẹnu ọ̀nà apá òsì ni ẹsẹ̀ tí ìwé ṣíìpù náà pè ní SER, ẹsẹ̀ kẹrìnlá. Ibi tí ẹni tó bá kún bẹ́ńṣì ti ń jáde ni ẹsẹ̀ kẹsàn-án, tí wọ́n kọ báyìí: QH'. Wọn kì í sún bó ṣe wù wọ́n. Wáyà kan wà tó ń lu ìlù fún wọn, SRCLK, ẹsẹ̀ kọkànlá. Ìgbàkígbà tí wáyà yìí bá kúrò ní òdo tó gòkè dé fóòtì márùn-ún, ìlù kan ti dún nìyẹn, gbogbo wọn á sì sún ní àyè kan ṣoṣo.

Bí ó bá parí síbẹ̀, aago wa kò ní ṣeé wò. Láti fi ìròyìn iná mẹ́rìnlélógún ránṣẹ́, ìlù mẹ́rìnlélógún ló gbọ́dọ̀ dún, iná á sì máa sáré kọjá lójú wa bí wọ́n ṣe ń sún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe inú ṣíìpù náà ní ìpele méjì. Ìpele kìn-ín-ní ni bẹ́ńṣì tí wọ́n ti ń sún. Ìpele kejì dà bí fọ́tò. Ayàwòrán dúró sí iwájú, kò fọwọ́ kan nǹkan kan títí gbogbo èèyàn fi jókòó sí àyè wọn, ó wá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò yẹn ni iná ń gbé jáde, kì í ṣe bẹ́ńṣì. Wáyà tó ń tẹ bọ́tìnì ni RCLK, ẹsẹ̀ kejìlá. Nígbà tí òun náà bá gòkè láti òdo, ohun tó wà lórí bẹ́ńṣì ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò máa fi hàn, bó ti wù kí wọ́n tún máa sún lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibí lọ, mo máa pe àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ní wáyà ìròyìn, wáyà ìlù àti wáyà ìfihàn.

Bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ wá rọrùn láti rántí. Wáyà ìlù àti wáyà ìfihàn ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ṣíìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nítorí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ìlù kan náà, fọ́tò kan náà ni wọ́n sì ń yà. Wáyà ìròyìn nìkan ló yàtọ̀. Láti Arduino, ó wọ ẹsẹ̀ 14 ṣíìpù kìn-ín-ní. Láti ẹsẹ̀ 9 ṣíìpù kìn-ín-ní, wáyà mìíràn lọ sí ẹsẹ̀ 14 ṣíìpù kejì. Láti ẹsẹ̀ 9 ṣíìpù kejì, òmíràn lọ sí ẹsẹ̀ 14 ìkẹta. Ẹsẹ̀ 16 gbogbo wọn ń gba fóòtì 5, ẹsẹ̀ 8 wọn ń lọ sí òdo fóòtì. Ẹ so ẹsẹ̀ 10 mọ́ fóòtì 5 pẹ̀lú, torí pé bí ó bá bọ́ sí òdo, ńṣe ni yóò nu gbogbo ohun tó wà lórí bẹ́ńṣì kúrò. Ẹsẹ̀ 13 ni èyí tó ń gba iná láyè láti tàn. Ẹ so ó mọ́ òdo fóòtì ná, a óò padà sórí rẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ tó ń tan iná ni QA, tó jẹ́ ẹsẹ̀ 15, àti QB títí dé QH, tí wọ́n jẹ́ ẹsẹ̀ 1 títí dé 7. Bẹ́ẹ̀ ni o, QA dá dúró sí òdìkejì àwọn ará rẹ̀, ó sì máa ń rú èèyàn lójú nígbà àkọ́kọ́.

A óò ka iná wa láti òdo, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á. Iná 0 títí dé 11 ni wákàtí, 0 sì ni aago méjìlá. Iná 12 títí dé 23 ni ìṣẹ́jú: 12 ni ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí, 13 ni ìṣẹ́jú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíìpù kìn-ín-ní gba iná 0 dé 7, ìkejì gba 8 dé 15, ìkẹta gba 16 dé 23. Ẹ kíyè sí i pé ṣíìpù àárín gba iná wákàtí mẹ́rin àti iná ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣíìpù kò mọ ohun tí iná dúró fún, àyè nìkan ló mọ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, iná 9 ló gbọ́dọ̀ tàn, àti iná 16, torí pé ogún ìṣẹ́jú jẹ́ márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, 12 àti 4 sì jẹ́ 16. Iná 9 wà lórí ṣíìpù kejì, ní ẹsẹ̀ QB. Iná 16 wà lórí ṣíìpù kẹta, ní ẹsẹ̀ QA. Ṣíìpù kìn-ín-ní dúdú pátápátá. Bí a bá kọ ìròyìn ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ní bíìtì mẹ́jọ, kí QH wà ní apá òsì kí QA sì wà ní apá ọ̀tún, yóò rí báyìí:

```
ṣíìpù 3: 00000001
ṣíìpù 2: 00000010
ṣíìpù 1: 00000000
```

Èwo ni ká kọ́kọ́ fi ránṣẹ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká padà sórí bẹ́ńṣì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa sún lọ. Nígbà tí èèyàn mẹ́rìnlélógún bá ti wọlé tán, ẹni àkọ́kọ́ ló máa wà ní òpin bẹ́ńṣì kẹta, níbi tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, ìròyìn ṣíìpù tó jìnnà jù la ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ti ìtòsí ló ń kẹ́yìn. Nínú ṣíìpù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, bíìtì QH ló ń ṣáájú, QA ló ń kẹ́yìn. Èyí ni kóòdù tó ń ṣe é:

```
const int iroyin = 11;
const int ilu = 13;
const int ifihan = 10;

void fi_han(uint32_t b) {
  digitalWrite(ifihan, LOW);
  shiftOut(iroyin, ilu, MSBFIRST, b >> 16);
  shiftOut(iroyin, ilu, MSBFIRST, b >> 8);
  shiftOut(iroyin, ilu, MSBFIRST, b);
  digitalWrite(ifihan, HIGH);
}
```

Àṣẹ `shiftOut` ló ń gbé bíìtì mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń lu ìlù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. `MSBFIRST` ló sọ fún un pé kí bíìtì apá òsì ṣáájú. Àṣẹ tó gbẹ̀yìn, tó gbé wáyà ìfihàn sókè, ni fọ́tò náà. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ojú kò sì rí nǹkan kan àyàfi pé aago ti yí padà. Ẹ rántí láti fi `pinMode` sọ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di `OUTPUT` nínú `setup`. Láti fi wákàtí hàn, ìlà mẹ́ta tó:

```
int w = wakati % 12;
int m = iseju / 5;
fi_han((1UL << w) | (1UL << (12 + m)));
```

Ohun tó dára nínú aago yìí ni pé bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, òun fúnra rẹ̀ á sọ irú àṣìṣe tí ó jẹ́. Ẹ fi aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú dán an wò. Bí iná aago méjìlá àti iná aago mẹ́sàn-án bá jọ tàn, tí agbo òde sì ṣókùnkùn, ẹ ti fi ìròyìn ṣíìpù kìn-ín-ní ṣáájú ti ìkẹta: ohun tó yẹ kó tan iná 16 ló bọ́ sórí iná 0, ti àárín kò sì yí padà torí pé àárín ṣì ni àárín. Ṣùgbọ́n bí agbo inú bá ṣókùnkùn, tí iná ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ti márùndínlọ́gọ́ta jọ tàn, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ṣíìpù dára, bíìtì inú wọn lẹ yí sódì. Ẹ wò ó bóyá `LSBFIRST` lẹ kọ. Fún mi, èyí sàn ju kí a máa yí kóòdù kiri títí yóò fi bọ́ sí i.

Lẹ́tà méjì kan wà nínú kóòdù tó rọrùn láti fo: UL tó tẹ̀lé 1. Lórí Arduino Uno, nọ́ńbà lásán kò ju bíìtì mẹ́rìndínlógún lọ. Bí ẹ bá kọ `1 << 16`, bíìtì yẹn á já bọ́ kúrò ní etí, iná ìṣẹ́jú kò sì ní tàn rárá láti ogún ìṣẹ́jú lọ títí wákàtí yóò fi yí. Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu jù ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bíìtì tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rìndínlógún ni Arduino fi ń mọ̀ pé nọ́ńbà kan kéré sí òdo; tó bá wá sọ ọ́ di nọ́ńbà oní-bíìtì méjìlélọ́gbọ̀n, á fi 1 kún gbogbo àyè tó kù. Nítorí náà, iná mẹ́sàn-án ló máa tàn pa pọ̀, láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí dé márùndínlọ́gọ́ta. Bí aago yín bá ń ṣe dáadáa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wá gbiná ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, UL lẹ gbàgbé.

Àṣìṣe wáyà tó wọ́pọ̀ jù, èyí tó gba odidi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ èmi náà, ni kí a mú wáyà láti ẹsẹ̀ 7 dípò ẹsẹ̀ 9. Orúkọ wọn jọra: QH ni 7, QH' ni 9, àmì kékeré yẹn nìkan ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n QH jáde láti inú fọ́tò, QH' jáde láti orí bẹ́ńṣì. Fọ́tò kì í sún. Bí ẹ bá so ṣíìpù kejì mọ́ ẹsẹ̀ 7, ohun kan náà ni yóò máa gbọ́ ní gbogbo ìlù mẹ́rìnlélógún, èyíinì ni ohun tí iná kẹjọ ṣíìpù kìn-ín-ní ń ṣe látẹ̀yìnwá. Ẹ ó rí i pé iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣíìpù kejì ń tàn pọ̀ wọ́n sì ń kú pọ̀, bí ọmọ ìyá, kò sí èyí tó ń dá ṣe tirẹ̀. Kò sí àṣìṣe kóòdù tó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára iná náà ní ààlà. Iná kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀. Iná pupa máa ń gba bí fóòtì 2, nítorí náà fóòtì 3 ló kù fún rẹsísítọ̀ nínú 5. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ní kí a fi óòmù 220 sí i, èyí tó jẹ́ kí nǹkan bíi míliámpù 14 kọjá nínú iná kan. Iná kan lè gba bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ṣíìpù 74HC595 kan lè gbé lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá míliámpù 70, mẹ́jọ lọ́nà 14 sì ti di 112. Ẹ lo óòmù 470: míliámpù 6 àti díẹ̀ ni fún iná kan, bí 51 fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹnì kan lè sọ pé iná méjì péré ló ń tàn nínú aago wa lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ti rí ohun tí UL lè ṣe.

Ẹ tún fi kapásítọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ṣíìpù kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n kọ 104 sí, láàárín ẹsẹ̀ 16 àti 8. Nígbà tí iná púpọ̀ bá tàn lójijì, fóòtì máa ń já wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú kúkúrú, ṣíìpù lè rò pé ìlù kan ti dún nígbà tí kò dún. Àmì rẹ̀ ni pé iná tó tàn máa ń fi àyè kan jìnnà sí ibi tó yẹ, kì í sì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Wáyà ìlù tó gùn jù ń fa irú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹsẹ̀ 13, tí ìwé ṣíìpù pè ní OE. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan aago, fọ́tò inú ṣíìpù kò ṣófo. Ohun tó bá wù ú ló ń gbé jáde títí ìròyìn àkọ́kọ́ yóò fi dé. Lára aago, ìyẹn kò ju pé kí iná ṣeré fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò tàbí ilẹ̀kùn lẹ so mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ẹ fi rẹsísítọ̀ óòmù 10,000 so OE gbogbo ṣíìpù mọ́ fóòtì 5 dípò òdo, iná kankan kò ní tàn. Ẹ fi wáyà kẹrin so ó mọ́ ẹsẹ̀ Arduino kan. Nínú `setup`, ẹ fi `fi_han(0)` ránṣẹ́ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tó sọ ẹsẹ̀ yẹn di `OUTPUT` kí ẹ sì gbé e sí `LOW`.

Kí ẹ tó so aago mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí iná kan rìn yí ká:

```
for (int i = 0; i < 24; i++) {
  fi_han(1UL << i);
  delay(300);
}
```

Ẹ máa wò ó bó ṣe ń lọ. Bí iná kan ṣoṣo bá fo, tí èyí tó tẹ̀lé e sì tàn, iná yẹn tàbí rẹsísítọ̀ rẹ̀ ló níṣòro: ó lè jẹ́ pé wọ́n fi iná náà sódì. Bí ó bá dúró lẹ́yìn iná 15, tí ohunkóhun kò tàn láti 16 lọ, ẹ má fọwọ́ kan ṣíìpù méjì àkọ́kọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìròyìn ń gbà, láti Arduino lọ sí òpin. Ohun tó bá já kì í ba ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ jẹ́. Wáyà láti ẹsẹ̀ 9 ṣíìpù kejì lọ sí 14 ìkẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ 11, 12, 13 àti 16 ṣíìpù kẹta. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo iná kò ṣe nǹkan kan láti 0, ẹsẹ̀ 14 ṣíìpù kìn-ín-ní ni ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo wáyà ìlù àti wáyà ìfihàn.